Bí a ṣe ń fi atọ́ka Lerner mọ̀ bóyá iye tí a ń ta ọjà wa tọ́: ìtọ́sọ́nà pẹ̀lú ìṣirò ilé búrẹ́dì kan

Ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní ₦1,200, tí ó sì mọ̀ pé ₦900 ni òun ná lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mọ̀ pé ₦300 ló kù sí òun lọ́wọ́. Ohun tí kò tíì mọ̀ ni bóyá ₦300 náà kéré jù tàbí ó pọ̀ jù. Bí ó bá bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè, ọ̀kan yóò sọ pé ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ni òun ń fi lé owó òun, èkejì yóò sọ pé àádọ́ta. Kò sí èyí tó wo àwọn oníbàárà nínú méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ àwọn oníbàárà ni ìdáhùn wà.

Ní ọdún 1934, Abba Lerner, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, kọ àpilẹ̀kọ kan nípa bí a ṣe lè wọn agbára tí olùtajà kan ní lórí ọjà. Ìwọ̀n tí ó dábàá kò ju ìlà kan lọ:

```
L = (P - MC) / P
```

P ni iye tí a ń ta ọjà. MC ni ìnáwó àfikún, ìyẹn owó tí yóò jáde lọ́wọ́ wa bí a bá ṣe ẹyọ kan péré sí i lórí èyí tí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. L ni atọ́ka náà, ó sì ń sọ apá tí àlékún wa jẹ́ nínú owó tí oníbàárà san. Bí a bá ń ta ọjà ní iye kan náà pẹ̀lú ìnáwó àfikún rẹ̀, L jẹ́ òdo. Bí ìnáwó àfikún kò bá sí rárá, L jẹ́ 1.

Fún ẹni tó ń wá èrè tó ga jù lọ, iye tó tọ́ ni èyí tí ó mú kí atọ́ka yìí bá ohun mìíràn dọ́gba:

```
L = 1 / e
```

Lẹ́tà e ni ìwọ̀n ìfèsì àwọn oníbàárà. Ó ń sọ iye ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí títà wa yóò fi dínkù bí a bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kún iye ọjà. Bí ìdá méjì bá dínkù, e jẹ́ 2, L tó tọ́ sì jẹ́ ìdajì. Bí ìdá márùn-ún bá dínkù, àwọn oníbàárà ń tètè sá, L kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ.

Ilé búrẹ́dì kan ní Ìbàdàn ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ. Èmi ni mo ṣètò àwọn iye rẹ̀ kí ìṣirò náà lè rọrùn láti tẹ̀lé, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń ṣe é kò yàtọ̀ sí ohun tí ẹ óò ṣe sí ìwé ọjà tiyín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ìnáwó àfikún, ẹ má ṣe lo ìnáwó àròpín

Ìnáwó àròpín ni gbogbo owó tó jáde, tí a pín sórí iye búrẹ́dì tí a ṣe. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí náà ni n óò ṣe dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí a máa bi ara wa lórí gbogbo owó tó ń jáde: bí a bá ṣe ọgọ́rùn-ún búrẹ́dì sí i ní ọ̀sẹ̀ yìí, ǹjẹ́ owó yìí yóò pọ̀ sí i? Ìyẹ̀fun yóò pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni ṣúgà, bọ́tà, yíìsì, láìlọ́ọ̀nù tí a fi ń dì í, àti owó tí a ń fún àwọn tó ń gbé e kiri tà. Owó ilé tí a yá kò ní yí padà, owó oṣù akọ̀wé náà kò ní yí padà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń po ìyẹ̀fun ń fẹ́ àròjinlẹ̀: bí a bá ń san owó wọn lórí iye àpò tí wọ́n pò, owó náà wà nínú ìnáwó àfikún, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ owó oṣù tí kì í yẹ̀, kò sí nínú rẹ̀. Ohun tí a fi ń dáná ààrò náà pín sí méjì. Èyí tó ń mú ààrò gbóná láàárọ̀ kò mọ̀ bóyá búrẹ́dì 1,000 tàbí 1,100 ni a óò yan, kìkì èyí tí a ń jó kún un fún àwọn ìyàn tó tẹ̀lé e ni ká kà.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ìyẹ̀fun inú búrẹ́dì kan jẹ́ ₦520, ṣúgà àti bọ́tà ₦170, yíìsì àti iyọ̀ ₦40, láìlọ́ọ̀nù ₦50, apá ohun ìdáná tó jẹ́ àfikún ₦80, owó àwọn tó ń gbé e tà ₦40. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦900, èyí sì ni MC. Owó ilé, owó oṣù àti àtúnṣe jẹnẹrétọ̀ jẹ́ ₦330,000 ní ọ̀sẹ̀ kan, a ó sì yà á sọ́tọ̀ títí di ìgbà tí a bá fẹ́ mọ èrè tó kù gan-an.

Iye tí ìyẹ̀fun jẹ́ lónìí ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kì í ṣe iye tí ẹ fi ra èyí tó wà nínú ilé ìpamọ́. Àpò tí a lò lónìí, owó ọ̀la ni a óò fi ra òmíràn dípò rẹ̀. Níbi tí iye ọjà bá ti ń gun òkè lóṣooṣù, ẹni tó ń ṣírò pẹ̀lú owó àtijọ́ yóò rí L tó tóbi nínú ìwé, kò sì ní rí owó tí yóò fi kún ilé ìpamọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wọn ìfèsì àwọn oníbàárà yín

A kò lè mọ e láìyí iye ọjà padà, àyàfi tí ìwé àtẹ̀yìnwá bá ti fi irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ hàn. Ilé búrẹ́dì wa ń tà 1,600 lọ́sẹ̀ ní ₦1,200. Ó gbé e sí ₦1,300, títà sì bọ́ sí 1,400. Ọ̀nà tó dára láti ṣírò rẹ̀ ni kí a lo àárín iye méjèèjì, kí ìdáhùn má baà yàtọ̀ bí a bá ka ìyípadà náà láti òkè wá sílẹ̀. dQ ni ìyípadà nínú títà, dP sì ni ìyípadà nínú iye ọjà:

```
dQ = 200 / 1500 = 13.3%
dP = 100 / 1250 = 8.0%
e  = 13.3 / 8.0 = 1.67
```

Ìṣirò náà rọrùn, ṣùgbọ́n ìdánwò fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ tí a fi wé ara wọn gbọ́dọ̀ jọ ara wọn. Ọ̀sẹ̀ tí owó oṣù wọlé kò dọ́gba pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, oṣù ààwẹ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú oṣù mìíràn, ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọ wọlé sí ilé ìwé sì ń mú títà búrẹ́dì pọ̀ láìjẹ́ pé iye rẹ̀ yí padà. Bí ilé búrẹ́dì tó wà ní òdìkejì títì bá fi owó kún tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ohun tí a wọ̀n kì í ṣe ìfèsì sí iye tiwa nìkan, ẹ da àbájáde yẹn nù. Ẹ má sì ṣe gba ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gbọ́. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí oníbàárà tó wá ibòmíràn lọ, nítorí náà ìfèsì ọ̀sẹ̀ kìíní sábà máa ń kéré sí ti ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ohun tí ó lè pẹ́ nílé máa ń fi òdìkejì hàn, nítorí àwọn ènìyàn ti rà á pamọ́ kí iye tó gòkè, ṣùgbọ́n búrẹ́dì kì í pẹ́ kó tó bu, ìṣòro yẹn kò pọ̀ níbí.

Ìfèsì sí ọjà tiyín ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe ìfèsì gbogbo ìlú sí búrẹ́dì. Gbogbo ìlú lè máà fi bẹ́ẹ̀ dín jíjẹ búrẹ́dì kù bí gbogbo rẹ̀ bá gbówó lórí, síbẹ̀ àwọn oníbàárà ilé kan ṣoṣo lè sá lọ sí ilé mìíràn láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n gbogbo ìlú ṣírò tirẹ̀ yóò gbé iye ọjà rẹ̀ kọjá ibi tí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè bá a dé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi L wé 1/e

Ní àárín ₦1,200 àti ₦1,300, ìyẹn ₦1,250, L jẹ́ 350 tí a pín sí 1,250, ìyẹn 0.28. Ṣùgbọ́n 1 tí a pín sí 1.67 jẹ́ 0.60. L kéré sí 1/e, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé iye tí a ń tà á ṣì kéré jù. Bí L bá ju 1/e lọ ni, a ò bá dín iye náà kù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀ pẹ̀lú náírà kan péré, nítorí ẹni tí ó bá mọ ìdí kò ní ṣi ìlànà lò. Nínú àpẹẹrẹ yìí, gbogbo náírà kan tí a bá fi kún iye ń lé búrẹ́dì méjì kúrò nínú títà ọ̀sẹ̀ kan. Ní ₦1,200, bí a bá fi náírà kan kún un, a óò rí nǹkan bí ₦1,600 sí i lórí àwọn tó ṣì ń rà, a óò sì pàdánù ₦300 lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ₦600, lórí àwọn méjì tó lọ. Èrè ju àdánù lọ, kí a fi kún un. Bí a ṣe ń gòkè ni àwọn tó kù láti fi náírà náà kún owó wọn ń dínkù, tí ohun tí a ń pàdánù lórí ẹni tó lọ sì ń pọ̀. Ibi tí méjèèjì ti dọ́gba ni èrè ti ga jù lọ, dídọ́gba wọn náà sì ni L = 1/e ń sọ ní ọ̀nà mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ máa lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ má ṣe fò

Ẹni tó bá mọ ìṣirò dáadáa lè rí i pé a lè yí ìlànà náà padà kí ó fún wa ní iye ọjà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀:

```
P = MC * e / (e - 1)
```

Kí ó fi 900 àti 1.67 sínú rẹ̀, yóò rí nǹkan bí ₦2,250. Bí ilé búrẹ́dì wa bá gbé iye rẹ̀ síbẹ̀, kò ní ta ẹyọ kan ṣoṣo, nítorí nínú àpẹẹrẹ yìí gbogbo oníbàárà ti lọ tán nígbà tí iye bá dé ₦2,000. Ìlànà náà kò parọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé 1.67 jẹ́ ìwọ̀n ìfèsì ní àyíká ₦1,250 nìkan. Bí iye ọjà bá ṣe ń gòkè ni àwọn oníbàárà máa ń sábà le sí i, e fúnra rẹ̀ sì ń pọ̀. Nítorí náà, ohun tí ìfiwéra ìgbésẹ̀ kẹta ń fún wa ni ọ̀nà tí a óò kọrí sí, kì í ṣe ibi tí a óò fò dé.

Ilé búrẹ́dì wa gbé iye sí ₦1,400, títà di 1,200. Ní àárín ₦1,300 àti ₦1,400, e jẹ́ 2.08, 1/e jẹ́ 0.48, L sì jẹ́ 450 lórí 1,350, ìyẹn 0.33. Àlàfo náà ti ń dínkù, ṣùgbọ́n ọ̀nà òkè ló ṣì ń tọ́ka sí. Ó tún gbé e sí ₦1,500, títà di 1,000. Ní àárín ₦1,400 àti ₦1,500, ìyẹn ₦1,450, e jẹ́ 2.64, 1/e jẹ́ 0.38, L náà sì jẹ́ 550 lórí 1,450, tó jẹ́ 0.38. Wọ́n ti bá ara wọn. ₦1,450 ni iye tí a ń wá, búrẹ́dì 1,100 ni yóò sì máa tà lọ́sẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú náírà kan tí a lò lẹ́ẹ̀kan. Ní ₦1,450, náírà kan tí a fi kún un mú ₦1,100 wá lórí búrẹ́dì 1,100, àwọn méjì tó lọ sì kó ₦550 lẹ́ẹ̀mejì lọ, tó jẹ́ ₦1,100. Kò sí èrè kankan nínú gígòkè tàbí sísọ̀kalẹ̀ mọ́.

Owó tó ń kù lẹ́yìn ìnáwó àfikún lọ́sẹ̀ jẹ́ ₦480,000 ní iye ₦1,200, ₦560,000 ní ₦1,300, ₦600,000 ní ₦1,400, ₦605,000 ní ₦1,450, ó sì padà sí ₦600,000 ní ₦1,500. Mo fẹ́ kí ẹ wo bí òkè náà ṣe tẹ́ pẹrẹsẹ. Láti ₦1,200 lọ sí ₦1,400, a jèrè ₦120,000, ṣùgbọ́n láti ₦1,400 lọ sí ₦1,450, kò ju ₦5,000 lọ. Ní ìdájọ́ tèmi, nígbà tí L àti 1/e bá ti súnmọ́ ara wọn báyìí, kí a fi ọwọ́ sílẹ̀, nítorí àṣìṣe inú ìwọ̀n e fúnra rẹ̀ yóò ju ohun tí a ń lé lọ. Èmi ì bá sì mú ₦1,400 dípò ₦1,500 tí owó wọn dọ́gba, torí oníbàárà 200 tó ṣẹ́ kù kò ní kọ́ bí a ṣe ń rìn dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ìṣirò ti yẹ̀

Bí e tí ẹ rí bá kéré sí 1, L tí ìlànà ń béèrè yóò ju 1 lọ, èyí kò sì ṣeé ṣe níwọ̀n ìgbà tí ìnáwó àfikún bá wà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iye yín kéré púpọ̀, tàbí pé ìdánwò náà kò tíì pẹ́ tó. Kò sí olùwá-èrè tó yẹ kó dúró níbi tí e ti kéré sí 1, torí níbẹ̀, fífi owó kún iye ọjà ń mú owó tó ń wọlé pọ̀, ó sì ń dín iṣẹ́ kù. Ibi tí e ti jẹ́ 1 gan-an ni Antoine Augustin Cournot, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti kọ́kọ́ fi ìṣirò hàn ní ọdún 1838, nígbà tí ó mú àpẹẹrẹ ẹni tó ni orísun omi tí kò ná a ní nǹkan kan láti pọn. MC rẹ̀ jẹ́ òdo, L rẹ̀ jẹ́ 1, e rẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 1.

Àṣìṣe kejì ni láti fi ìnáwó àròpín rọ́pò ìnáwó àfikún. Ní búrẹ́dì 1,100, ₦330,000 tó jẹ́ owó ilé àti owó oṣù pín sí ₦300 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àròpín sì di ₦1,200. Ẹni tó bá fi èyí ṣírò yóò rí 0.17 dípò 0.38, yóò sì rò pé kí òun tún gòkè. Kí ó gbé e sí ₦1,600, títà yóò di 800, owó tó kù lẹ́yìn ìnáwó àfikún yóò di ₦560,000, owó ilé yóò sì pín sórí búrẹ́dì tí ó kéré sí i, àròpín yóò tún ga, atọ́ka rẹ̀ yóò sì tún sọ fún un pé kí ó gòkè.

Láti ibẹ̀ náà ni a ti rí i pé L tó ga kì í ṣe ẹ̀rí ọrọ̀. Ní ₦1,450, ilé búrẹ́dì wa ní ₦275,000 lẹ́yìn tó san ₦330,000. Bí owó ilé àti owó oṣù bá jẹ́ ₦605,000, kò ní kù nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ L rẹ̀ yóò ṣì jẹ́ 0.38, iye tó tọ́ yóò sì ṣì jẹ́ ₦1,450.

Ohun kékeré kan tó ń fa àríyànjiyàn láàárín alábàáṣe ni pé L jẹ́ ìdá nínú iye títà, nígbà tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń ka àlékún lórí owó tí wọ́n ná. ₦550 lórí ₦1,450 jẹ́ ìdá 38, ṣùgbọ́n lórí ₦900 ó jẹ́ ìdá 61. Àlékún kan náà ni. Ìdá lórí owó tí a ná máa ń jẹ́ 1/(e - 1) níbi tí èrè ti ga jù.

Ibi méjì wà tí ìlànà yìí kò ti tó fúnra rẹ̀. Bí ààrò bá ti kún, tí kò lè gbà ju 1,000 lọ́sẹ̀, iye tó tọ́ ni èyí tó mú kí àwọn ènìyàn ra 1,000 gan-an, ìyẹn ₦1,500, ohun yòówù kí L wí. Bí ẹni tó ra búrẹ́dì bá sì máa ń ra bọ́tà àti mílíìkì lọ́wọ́ wa pẹ̀lú, ẹni tó lọ kò lọ pẹ̀lú ₦550 nìkan, ó yẹ kí a ka èrè orí bọ́tà mọ́ àdánù rẹ̀, iye búrẹ́dì yóò sì wálẹ̀ sí i.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: nígbà tí ìyẹ̀fun bá gbówó lórí

Ká sọ pé ìnáwó àfikún gòkè láti ₦900 sí ₦1,000. Ẹni tó ti há ìdá 61 sórí yóò fi 61 lé ₦1,000, yóò sì ta búrẹ́dì ní nǹkan bí ₦1,610. Títà yóò wá sí 780, owó tó kù yóò sì jẹ́ nǹkan bí ₦476,000. Ṣùgbọ́n e ti pọ̀ sí i ní òkè ibẹ̀, ìdá 61 kò sì bá a mu mọ́. Ní ₦1,500, e jẹ́ 3, 1/e jẹ́ 0.33, L náà jẹ́ 500 lórí 1,500, ó jẹ́ 0.33. Búrẹ́dì 1,000 ni yóò tà, ₦500,000 ni yóò sì kù. ₦100 tó gòkè lórí ìnáwó di ₦50 péré lórí iye tí oníbàárà ń san.

Ìdajì yẹn wá láti inú bí ìbéèrè ọjà inú àpẹẹrẹ yìí ṣe ń dínkù ní ìlà tó gún, búrẹ́dì méjì fún náírà kan títí dé òkè. Níbi tí e kò bá ti yí padà bí iye ti ń gòkè, ìdá lórí owó tí a ná yóò dúró bó ti wà, gbogbo ₦100 náà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò sì bọ́ sórí oníbàárà. Nítorí náà, lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí iye ìyẹ̀fun bá yí, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kejì kí ẹ tún e wọ̀n ní àyíká iye tuntun, kí ẹ tó kọ iye kankan sára pátákó.